Bàbá mi wà ní pasẹńtáìlì 5: kí ni àlàfo inú èsì ìdánwò ọpọlọ yìí ń sọ?

ỌmọTíṣà (Mánísítà) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Físíìsì ni wọ́n kọ́ ọmọ fún ọdún 31 ní ilé ẹ̀kọ́ girama n'Íbàdàn kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ń gbé láti ọdún 3 sẹ́yìn.

Ó ti tó ọdún kan báyìí tí mo ti ń rí i pé nǹkan ń falẹ̀ lára wọn. Bí a bá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀, ìdáhùn á pẹ́ kó tó jáde, ṣùgbọ́n bó bá jáde, ó péye. Bíìlì iná tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò tán kí omi tíì tó hó, odidi ọ̀sán ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nílé ti ń sọ lórí fóònù pé bàbá ti ń ṣàrán.

Dókítà ní kí wọ́n lọ ya àwòrán orí. Wọ́n rí àwọn àmì funfun kéékèèké níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fa irú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán wọn lọ ṣe ìdánwò ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní WAIS-IV, pẹ̀lú ìdánwò ìrántí ìtàn. Ìwé èsì dé l'Ọ́jọ́bọ̀, àdéhùn láti rí ẹni tó ṣe é ṣì ku ọ̀sẹ̀ 5, n kò sì lè sùn. Ohun tó wà nínú tábìlì nìyí:

Ìjọra ọ̀rọ̀: síkéèlì 12, pasẹńtáìlì 75
Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: 11, pasẹńtáìlì 63
Ìmọ̀ gbogbogbòò: 10, pasẹńtáìlì 50
Búlọ́ọ̀kù títò: 8, pasẹńtáìlì 25
Àwòrán tí a yọ apá kan nínú rẹ̀: 9, pasẹńtáìlì 37
Àdìtú àwòrán: 9, pasẹńtáìlì 37
Kíka nọ́ńbà lé ara wọn: 10, pasẹńtáìlì 50
Ìṣirò àfọkànṣe: 13, pasẹńtáìlì 84
Wíwá àmì: 6, pasẹńtáìlì 9
Kíkọ àmì sábẹ́ nọ́ńbà: 5, pasẹńtáìlì 5

Wọ́n wá kó wọn jọ: òye ọ̀rọ̀ 105, ìyára 76, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ 95. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "àlàfo pàtàkì" wà láàárín òye ọ̀rọ̀ àti ìyára. Àlàfo 29 nìyẹn. Ṣé àrán náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Báwo ni tíṣà físíìsì ṣe máa gba 5 nínú 100?

Ìyá Ìbejì (Hústọ̀n) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:15 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí mi. Ó ṣe mí náà rí. Wọ́n ṣe irú ìdánwò yìí fún Kẹ́hìndé mi ní ilé ìwé, wọ́n kọ 16 síwájú orúkọ rẹ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún. 16 nínú 100, ọmọ tó ń ka ìwé fún mi lálaalẹ́!

Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe fún bàbá. Bóyá ebi ń pa wọ́n lọ́jọ́ náà, tàbí wọn ò gbọ́ ohùn òyìnbó yẹn dáadáa. Ẹ sì béèrè fún àfikún àkókò. Òun ni wọ́n fún Kẹ́hìndé, ó sì ràn án lọ́wọ́ gan-an nínú ìdánwò kíláàsì.

Adéwálé_K (Èkó) · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:03 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, máàkì kọ́ ni pasẹńtáìlì. Ipò ni. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọmọ ṣe ipò kìíní tàbí ipò ogún ní kíláàsì ni. Ẹni tó wà ní 16 ta nǹkan bí èèyàn 16 yọ nínú 100.

Ọ̀rọ̀ àlàfo yẹn ni mo fẹ́ sọ sí. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu àbúrò bàbá mi, ohun tí dókítà ṣàlàyé fún wa ni pé apá òsì ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀, apá ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́ àwòrán àti ohun tí a ń fọwọ́ ṣe. Tí ọ̀rọ̀ bá ga tí ìyókù bá wálẹ̀, apá ọ̀tún ló ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wò ó fúnra yín: ìṣirò 13, àmì kíkọ 5. Àlàfo síkéèlì 8! Orí tó pé kì í ní irú ẹ̀. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ 5, àǹtí. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la.

Ṣadé_Sàíkọ́ (Lídíìsì) · Ọjọ́ Àìkú, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ỌmọTíṣà. Ó ti pé ọdún 14 tí mo ti ń ṣe ìdánwò yìí fún àwọn àgbàlagbà. N kò rí bàbá yín, nítorí náà n kò lè sọ àrùn tó ń ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n mo lè bá yín ka tábìlì náà.

Ẹ fojú inú wo 100 èèyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 65 sí 69, kí ẹ tò wọ́n láti orí ẹni tó lọ́ra jù dé orí ẹni tó yá jù. Pasẹńtáìlì 5 ni pé nǹkan bí èèyàn 5 ló wà lẹ́yìn bàbá, àwọn yòókù wà níwájú wọn. Kò sọ iye tí wọ́n gbà àti iye tí wọ́n kùnà rárá. Èèyàn lè kọ gbogbo èyí tó kọ láìṣì, kó sì wà ní 5 nítorí pé kò kọ púpọ̀ kí àkókò tó tán. Ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n sì bá dúró lórí ìlà yẹn, kì í ṣe ọmọ ọdún 25. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún yín pé "àgbà ló dé" kò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ 5 yìí, torí wọ́n ti ro ọjọ́ orí mọ́ ọn.

Síkéèlì ni kí ẹ máa fi wé ara wọn, kì í ṣe pasẹńtáìlì. 10 ni àárín síkéèlì, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo èèyàn sì wà láàárín 7 sí 13. Àárín yẹn kún bí ọjà Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún ku ọ̀la: bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ ti kọjá èèyàn púpọ̀. Láti síkéèlì 10 sí 11, pasẹńtáìlì á fò láti 50 sí 63. Ṣùgbọ́n létí ọjà, níbi tí èèyàn ò pọ̀, láti 4 sí 5, láti 2 sí 5 péré ló lọ. Ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé níbi méjèèjì. Ẹni tó bá wá fi pasẹńtáìlì 75 yọ 5, tó ní àlàfo 70 ló wà níbẹ̀, ó ti dẹ́rù ba ara rẹ̀ lásán.

Ó kan àlàfo 29. Ní ti nọ́ńbà tí wọ́n kó jọ bíi 105 àti 76, 100 ni àárín wọn, ìgbésẹ̀ kan sì jẹ́ 15. Nígbà tí ìwé èsì bá sọ pé àlàfo kan jẹ́ "pàtàkì", ohun kan ṣoṣo ló sábà máa ń sọ: pé àlàfo náà ju ohun tí àṣìṣe inú ìdánwò fúnra rẹ̀ lè fà lọ. Bí a bá wọn èèyàn kan lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà á yí díẹ̀. Fún òye ọ̀rọ̀ àti ìyára nínú WAIS-IV, bí àlàfo bá ti tó nǹkan bí 11, ó ti kọjá àyípadà yẹn. Nítorí náà 29 wà ní tòótọ́, kò sí iyè méjì. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní tòótọ́ kò ní kó jẹ́ ohun tó ṣọ̀wọ́n, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àìmọye èèyàn tí ara wọn dá, tí wọ́n ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, ló ní àlàfo 15 láàárín méjèèjì yìí látìgbà tí wọ́n ti wà láyé. Ìbéèrè tó kàn ni pé: nínú 100 irú èèyàn bẹ́ẹ̀, mélòó ni òye ọ̀rọ̀ wọn máa fi 29 ju ìyára wọn lọ? Nǹkan bí 3 ni. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Ó tó ohun tí a ó bèèrè ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn 3 yẹn náà kò ní àrùn kankan lára.

Arákùnrin Adéwálé, ohun tí ẹ sọ nípa òsì àti ọ̀tún kì í ṣe irọ́ lórí rọpárọsẹ̀ ńlá tó ba apá kan jẹ́. Wọ́n sì ti máa ń ka àlàfo bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo tábìlì. Iṣẹ́ àwòrán mẹ́ta ló wà níbẹ̀, 8, 9 àti 9, gbogbo wọn wà láàárín. Àwọn ìdánwò méjì tí wọ́n ṣe láti fi wọn ìyára, wíwá àmì àti kíkọ àmì, ló wálẹ̀. Ìyára ni, kì í ṣe apá ọ̀tún.

Àlàfo 8 láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù ńkọ́? Ẹ kó gbogbo ọmọ agboolé jọ, kí ẹ mú ẹni tó ga jù àti ẹni tó kúrú jù nínú mẹ́wàá, ó dájú pé ìyàtọ̀ wọn á ya yín lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò kékeré mẹ́wàá. Láàárín àwọn èèyàn tí ara wọn dá, ìyàtọ̀ láàárín orí òkè àti ìsàlẹ̀ sábà máa ń tó 6 tàbí 7. 8 ju ìyẹn lọ díẹ̀, kò sì tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Ohun tó mú mi dúró ni pé ìdánwò ìyára méjèèjì, 6 àti 5, ń sọ ohun kan náà. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá wálẹ̀, ó lè jẹ́ ikọ́ tàbí ẹnì kan tó kan ilẹ̀kùn ló fà á.

95 tí wọ́n kọ sí àpapọ̀ yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ó da èyí tó ga àti èyí tó wálẹ̀ pọ̀, ó sì bo àlàfo náà mọ́lẹ̀.

Túndé_Àgbọ̀wọ́ (Ìbàdàn) · Ọjọ́ Àìkú, 10:48 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí Ṣadé. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn 100 tí wọ́n tò sórí ìlà yẹn? Ṣé ará Ìbàdàn ni wọ́n? Wọ́n bi ọkùnrin tí wọ́n bí sí Ọ̀jẹ́ ní ìmọ̀ gbogbogbòò ayé òyìnbó, ní èdè òyìnbó, wọ́n wá fi èsì rẹ̀ wé ti ẹni tí wọ́n bí sí Ohaió. Òṣùwọ̀n ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Èmi kò ní gba nọ́ńbà kankan nínú ìwé yẹn gbọ́.

Ìyá Ìbejì (Hústọ̀n) · Ọjọ́ Àìkú, 2:30 ọ̀sán

Háà! Ìyẹn ni pé 16 tí Kẹ́hìndé gbà, síkéèlì 7 ni wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wo ìwé náà nínú dúrọ́ọ̀ ni. Àǹtí Ṣadé sì ní láti 7 dé 13 ni àwọn èèyàn pọ̀ sí. Ọdún 2 ni mo ti gbé ẹkún yẹn dání.

Ṣadé_Sàíkọ́ (Lídíìsì) · Ọjọ́ Àìkú, 3:05 ọ̀sán

Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì, 7 wà ní ìsàlẹ̀ àárín, kì í ṣe ìṣubú. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni tiyín, ìdánwò tiwọn sì yàtọ̀ sí ti bàbá. Ẹ ṣí ojú ewé tuntun fún un, ẹ kọ gbogbo nọ́ńbà síbẹ̀, mo máa wá kà á.

Ẹ̀gbọ́n Túndé, ẹ̀sùn tí ẹ mú wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹ kàn gbé e síbi tí kò yẹ ni. Bí òṣùwọ̀n náà bá ń rẹ́ bàbá jẹ nítorí èdè àti àṣà, ibo ló yẹ kó ti rẹ́ wọn jẹ jù? Níbi ìjọra ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ìmọ̀ gbogbogbòò. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti gba 12, 11 àti 10. Àmì kíkọ kò ní èdè nínú. Ó lè jẹ́ pé òye ọ̀rọ̀ wọn ga ju 105 lọ tí èdè ti fà á sílẹ̀ díẹ̀, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, àlàfo náà á tún gbòòrò sí i ni. Nítorí náà ẹ̀sùn yín kò pa àlàfo yìí rẹ́.

Adéwálé_K (Èkó) · Ọjọ́ Àìkú, 5:17 ìrọ̀lẹ́

Àǹtí Ṣadé, mo gba àtúnṣe yín. Ẹnjiníà ni mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò hàn mí. Báwo ni 29 ṣe di èèyàn 3 nínú 100? Lójú tèmi, 29 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìgbésẹ̀ 2 ti 15, ó sì yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún nǹkan kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n nǹkan méjì la ń yọ lára ara wọn níbí.

Ṣadé_Sàíkọ́ (Lídíìsì) · Ọjọ́ Àìkú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ti débẹ̀ tán. Bí àlàfo ṣe ń fẹ̀ tó láàárín àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ bí nǹkan méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn tó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yé máa ń yá lọ́wọ́ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nígbà gbogbo. Bí ẹ bá fi nǹkan bí 0.5 ṣe ìrìnpọ̀ àwọn méjèèjì, ẹ ó rí i:

```
15 × √(2 − 2 × 0.5) = 15
29 ÷ 15 = 1.93
```

Àwọn tó kọjá 1.93 ní apá kan ìlà kò tó 3 nínú 100. Ìrìnpọ̀ 0.5 ló jẹ́ kí 15 tún jáde. Ká ní nǹkan méjì tí kò mọ ara wọn rárá la yọ lára ara wọn ni, àlàfo 29 kò ní ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Tábìlì wà nínú ìwé ìdánwò tó ti ka èyí sílẹ̀, ẹni tó ṣe é fún bàbá sì yẹ kó ti wò ó. ỌmọTíṣà, bí iye èèyàn yẹn kò bá sí nínú ìwé yín, ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ àdéhùn.

Nọ́ọ̀sì_Bísí (Bámíńgámù) · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i, torí pé wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ mọ bí ìdánwò àmì kíkọ yẹn ṣe rí? Bébà kan ni. Nọ́ńbà 1 sí 9 wà lókè, àmì kan wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá to nọ́ńbà lọ rẹrẹẹrẹ sísàlẹ̀, pẹ́ńsùlù ni aláìsàn á fi máa kọ àmì tó bá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mu, ìṣẹ́jú 2 péré ni wọ́n fún un. Ojú ní láti ríran, ọwọ́ ní láti dì í mú, oorun kò gbọdọ̀ máa kùn ún. Mo ti rí ìyá kan tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ orúkọ àrùn lé lórí, àṣé awò ìkàwé wọn wà nínú báàgì látàárọ̀.

Nítorí náà mo fẹ́ bi yín, àbúrò mi: ojú wọn ńkọ́? Ìka ọwọ́ ń dùn wọ́n? Báwo ni wọ́n ṣe ń sùn? Ṣé inú wọn ń bàjẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé ìlú tútù yìí? Kí sì ni gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, títí kan èyí tí wọ́n ń lò lóru? Ẹ wo apá ibi tí wọ́n kọ ìṣesí wọn nígbà ìdánwò sí, ó máa ń wà ṣáájú tábìlì, àwọn èèyàn sì máa ń ṣí i kọjá.

ỌmọTíṣà (Mánísítà) · Ọjọ́ Ajé, 8:55 alẹ́

Mo ṣí i kọjá lóòótọ́. Ojú ìwé 3 ni. Wọ́n kọ ọ́ pé bàbá wọ awò wọn, wọ́n fara balẹ̀ kọ àmì kọ̀ọ̀kan, wọ́n pa méjì rẹ́ láti tún wọn kọ kó lè tọ́, wọn kò sì ṣi ẹyọ kan. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ ni mo rí wọn lójú ara mi. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n kọ ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà: ẹ̀wà, àlùbọ́sà, epo. Gbogbo lẹ́tà ló dúró ṣánṣán bíi ti ojú pátákó, wọ́n sì padà lọ fi àmì sórí "àlùbọ́sà" kí wọ́n tó gbé bébà fún mi.

Mo tún rí nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́ lábẹ́ búlọ́ọ̀kù títò pé bí a bá yọ máàkì ìyára kúrò, 10 ni síkéèlì, kì í ṣe 8. Ìdánwò ìtàn: wọ́n sọ ìtàn fún wọn, wọ́n ní kí wọ́n tún un sọ, síkéèlì 9. Lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì wákàtí, wọ́n ní kí wọ́n tún un sọ, 8. Nígbà tí wọ́n wá fi "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́" bi wọ́n, wọ́n mọ èyí tó pọ̀ jù.

Oògùn: méjì fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀kan fún ìtọ̀ ṣúgà, àti amitiripitílìnì lóru fún ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n bí iná. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó. Wọ́n ń jí tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru. Ọwọ́ kò dùn wọ́n.

Nọ́ọ̀sì_Bísí (Bámíńgámù) · Ọjọ́ Ajé, 9:12 alẹ́

Amitiripitílìnì! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà. Oògùn dáadáa ni fún ẹsẹ̀ títa, ṣùgbọ́n ó máa ń mú orí àgbàlagbà wúwo, ó máa ń fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìfàlẹ̀. Ẹ MÁ dá a dúró fúnra yín o. Ẹ pe dókítà wọn, kí ẹ ní ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ gbogbo oògùn wò, kí wọ́n sì mọ̀ nípa títọ̀ òru yẹn, torí ẹni tí kò sun oorun tó kò lè yára lórí bébà kankan.

Ṣadé_Sàíkọ́ (Lídíìsì) · Ọjọ́ Ajé, 10:30 alẹ́

Ẹ ṣé tí ẹ padà lọ kà á, àwọn nǹkan kékeré yìí wúlò ju àpapọ̀ 95 lọ.

Búlọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ wù mí. Pẹ̀lú máàkì ìyára, 8. Láìsí máàkì ìyára, 10. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ náà yé wọn, ó kàn ń pẹ́ ni. Ìyàtọ̀ 2 kéré lójú ara rẹ̀, n kò ní gbé ẹjọ́ lé e, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀ pẹ̀lú 6 àti 5.

Ìkọ̀wé ojú pátákó yẹn ṣàlàyé díẹ̀ nínú 5, n kò jiyàn. Ẹni tó ń pa àmì rẹ́ láti tún un kọ nínú ìṣẹ́jú 2 ti sọ nǹkan nù. Ṣùgbọ́n nínú wíwá àmì, kò sí ìkọ̀wé kan gbòógì, ẹ kàn máa fa ìlà lé ìdáhùn ni, 6 sì ni síbẹ̀. Ọwọ́ títọ́ nìkan kò lè gbé gbogbo rẹ̀.

Ní ti àrán tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ: ìtàn 9, lẹ́yìn ìdajì wákàtí 8. Ohun tí wọ́n gbà sórí kò dà nù. Nínú irú àrùn ìgbàgbé tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, ohun tí a sábà máa ń rí ni pé ìtàn á ti fò lọ lẹ́yìn ìdajì wákàtí, a óò tún bi èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Ti bàbá kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfàlẹ̀ tí ìrántí ṣì dúró lè bá àmì funfun inú àwòrán mu, ó lè bá amitiripitílìnì mu, ó lè bá àìsùn mu, ó sì lè bá gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mu. Tábìlì kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa.

Ohun tó lè yà wọ́n ni àkókò. Bí dókítà bá tún oògùn ṣe, tí oorun sì dára, kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, kí wọ́n má ṣe é lóṣù tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti rí bébà náà rí máa ń ṣe dáadáa díẹ̀ sí i nígbà kejì, láìjẹ́ pé ọpọlọ rẹ̀ yí padà. Bí nọ́ńbà bá gùn díẹ̀, ẹ má tètè yọ̀. Bó bá sì dúró gbọin síbi tó wà, ẹ bèèrè bóyá ó yẹ kó ti gùn.

Túndé_Àgbọ̀wọ́ (Ìbàdàn) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Àǹtí Ṣadé, mo gbà pé èdè kò lè ṣàlàyé ìfàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti fojú fo ohun kan. Níbi tí a ti kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó bá sáré kọ nǹkan lùlẹ̀ ni tíṣà máa ń nà. Wọ́n ń fún wa ní máàkì nítorí ìwé tó mọ́. Ọkùnrin tó ti ju 60 ọdún lọ lórí ìlànà yẹn, ẹ wá gbé wákàtí ka iwájú rẹ̀, ẹ ní kó sáré. Ó gbọ́ "sáré", àmọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni "kó mọ́". Ìyẹn náà ni àṣà, ó sì wà nínú 6 àti 5 méjèèjì, torí ẹni tó ń yẹ ìdáhùn wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó fa ìlà á pẹ́ níbi wíwá àmì náà.

Ṣadé_Sàíkọ́ (Lídíìsì) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

N kò lè bì ọ̀rọ̀ yẹn ṣubú, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí i lójú àwọn àgbà wa lẹ́yìn tábìlì ìdánwò. Èsì kan tí mo ní ni pé bàbá ti lọ́ra ju bí wọ́n ṣe wà lọ ní ọdún kan sẹ́yìn, ọmọ wọn rí i níbi bíìlì iná, àṣà kì í sì í ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ni ọdún 67. Ṣùgbọ́n bóyá 5 yẹn ì bá jẹ́ 7 tàbí 8 láyé ìgbà tí ara wọn le koko, kò sí ẹni tó wọ̀n wọ́n nígbà náà, nítorí náà n kò lè sọ iye tó ti dínkù.

ỌmọTíṣà (Mánísítà) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:25 alẹ́

Dókítà á pè wá l'Ọ́jọ́bọ̀ lórí oògùn àti títọ̀ òru. Mo ti ka ohun tí Àǹtí Ṣadé kọ nípa ìtàn fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ àrán mọ́ títí a ó fi rí wọn.

Alẹ́ yìí ni mo wá jókòó ti bàbá, mo fi ìwé hàn wọ́n. Mo ṣàlàyé ìlà 100 èèyàn bí ẹ ṣe kọ́ mi. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá bi mí pé: "Èèyàn mélòó gan-an ni wọ́n fi ṣe ìlà yìí?" N kò mọ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n?

Ṣadé_Sàíkọ́ (Lídíìsì) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Ìbéèrè tíṣà nìyẹn! Ẹ kí wọn fún mi. Àwọn ará Amẹ́ríkà 2,200 ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n WAIS-IV, ó jáde ní 2008. Láàárín ọdún 65 sí 69 tí bàbá wà, èèyàn 200 ni. Nítorí náà pasẹńtáìlì 5 yẹn, nǹkan bí èèyàn 10 ló wà lẹ́yìn wọn lórí ìlà gidi.

ỌmọTíṣà (Mánísítà) · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Nínú 200 yẹn, mélòó ló jẹ́ tíṣà tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní yunifásítì?" Wọ́n ní òun ni kí n kọ sókè pátápátá lórí bébà ìbéèrè tí a ń gbé lọ síbi àdéhùn. Mo gbé pẹ́ńsùlù fún wọn, wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́ fúnra wọn báyìí.